Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́tà dókítọ́rà mi

Ìbéèrè tí mo bi yín níjọ́sí nìyí: "Tíọ́lọ́jì ni mo kà. Báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà ìdí tí mo fi fẹ́ ka dókítọ́rà, tí wọn ò fi ní rò pé ìwàásù ni mo fẹ́ wá ṣe?"

Wọ́n ti gbà mí. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n yọ ìtàn ìpè Ọlọ́run kúrò níbẹ̀rẹ̀ ló gbà mí là. Mo fi ìyá kan ní Kétu rọ́pò rẹ̀: ó gbe orin Ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́jú, ohùn rẹ̀ há, ó sì gba Kómúníọ̀n láàárọ̀. N kò bèèrè bóyá ó tọ̀nà. Bó ṣe ń ṣàlàyé ara rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀.

Ẹni tó ní kí n fi tíọ́lọ́jì pamọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, àmọ́ gbólóhùn kan nípa èdè Gíríìkì tí mo kọ́ nínú tíọ́lọ́jì wúlò nínú lẹ́tà náà. Òun gan-an ni àwọn tó gbà mí bi mí.

Ẹni tó ń bèèrè físà, n kò tíì débẹ̀. Bí àwọn ìyá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á ṣe gbà mí láàyè ló kù. Ẹ ṣeun o.