Ìwàásù mi gba ojú ewé mẹ́sàn-án: báwo ni mo ṣe máa fi í sórí ìwé kan?

Fẹ́mi, Mánṣẹ́sítà
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n wàásù lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ lórí ọmọ onínàákúnàá, Lúùkù 15:11-32. Aago 11:20 ni mo máa bọ́ síwájú, ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fún mi. Ògbufọ̀ yóò máa sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fáwọn ọmọ tí a bí síbí. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kà á, orí mi ò ní kúrò nínú ìwé. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di ìlapa èrò?

Bọ́lá, Híúsítìn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ fi 130 pín in, iye ìṣẹ́jú rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún kókó kọ̀ọ̀kan.

Màmá Kẹ́mi, Lọ́ńdọ̀nù
Bọ́lá, Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣirò yẹn bá mu. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn kò ju “ó” lọ, òmíràn sì gùn bí “onínàákúnàá”. Fẹ́mi, dìde dúró, ka ojú ewé kan sókè bí ẹni wà níwájú ìjọ, kí o wo aago fóònù rẹ.

Fẹ́mi
Mo ti ṣe é, mà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀.

Màmá Kẹ́mi
Ìṣẹ́jú 31 ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, kí ògbufọ̀ tó ya ẹnu. Bó bá túmọ̀ tirẹ̀, ó lé ní wákàtí kan. Nínú ìṣẹ́jú 25, bíi 12 péré ni tìrẹ. Ojú ewé mẹ́ta ààbọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, má tíì gé nǹkan kan. Kọ iṣẹ́ tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ìpínrọ̀ méjì bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan ni kí o mú.

Fẹ́mi
Ẹ ò rí i! Ìpínrọ̀ mẹ́rin ló ń sọ bí ẹlẹ́dẹ̀ ti jẹ́ ohun ìríra fáwọn Júù. Ohun tí mo kó jọ nìyí:

11:20 Ìbẹ̀rẹ̀: ó béèrè ogún nígbà tí baba ṣì wà láàyè.
11:23 ỌMỌ LỌ (ẹsẹ 11-19). [Ìtàn ẹlẹ́dẹ̀]
“Ọmọ ti pinnu láti padà. Kí ni baba ń ṣe nílé?”
11:29 BABA SÁRÉ (ẹsẹ 20-24).
“Ijó ti bẹ̀rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣì wà lóko.”
11:37 Ẹ̀GBỌ́N KỌ̀, KÒ WỌLÉ (ẹsẹ 25-32).
11:42 Ìparí: a kò sọ fún wa bóyá ó wọlé.
11:45 Jókòó.

Bọ́lá
Kí ló dé tí ẹ kọ gbólóhùn méjì yẹn tán pátá?

Màmá Kẹ́mi
Ohun tó yẹ ní kíkọ tán nìyẹn. Nígbà kan, “Baba” nìkan ni mo kọ síbẹ̀. Ògbufọ̀ parí, mo wo ìwé, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa baba. Ènìyàn kì í sábà ṣìnà nínú kókó, àárín kókó méjì ló ti ń ṣìnà. Kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn tán náà.

Àmì tó yí ẹlẹ́dẹ̀ ká dára: ohun tí a lè fò ni. Bí aago bá ti lu 11:27 tí o kò tíì dé ibẹ̀, fò ó. Má fi àkókò baba san gbèsè ẹlẹ́dẹ̀.

Fẹ́mi
Bí ìsìn bá pẹ́ ńkọ́?

Màmá Kẹ́mi
Pẹ́ńsùlù ni kí o fi kọ aago. Nígbà tí akọrin bá ń kọrin ìkẹyìn, tún un kọ. Ìṣirò kì í yá lórí pẹpẹ. Fún ògbufọ̀ ní ẹ̀dà kan lọ́jọ́ Sátidé, kí o sì sọ òwe tó wà nínú rẹ̀ fún un ṣáájú.

Ṣadé, Tòróńtò
Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìṣẹ́jú márùn-ún ni tèmi níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, kò sí ògbufọ̀. Ṣé kókó mẹ́ta náà ni?

Màmá Kẹ́mi
Ìtàn kan ṣoṣo ni, Ṣadé, kí o wá ṣàdúrà fún wọn. Kọ orúkọ àwọn àna yín tán pẹ̀lú àmì ohùn.

Bọ́lá
Tábúlẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ lè mú kí lẹ́tà tóbi.

Màmá Kẹ́mi
Ó lè pa iná ara rẹ̀ nígbà tí ògbufọ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Bébà ni tèmi.

Bọ́lá
A lè yí ìyẹn padà nínú sẹ́tíǹgì, mà.

Fẹ́mi
Màá dán méjèèjì wò ní yàrá mi lálẹ́ òní.