Ìránnilétí owó ilé-ìwé: ohùn wo ló yẹ àtẹ̀jíṣẹ́?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń tún kọ fún àwọn òbí tí owó ilé-ìwé ṣẹ́kù sí lọ́wọ́: lórí ímeèlì, WhatsApp àti àtẹ̀jíṣẹ́.

Ti ímeèlì kò le. Ohùn ọ́fíìsì ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú iye owó, ọjọ́, orúkọ àti ipò ẹni tó kọ ọ́, torí òbí lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kó sì fi pamọ́. Lórí WhatsApp, ọ̀yàyà ló dáa, àmọ́ kí ìkíni àti ọ̀rọ̀ jọ wà nínú ẹyọ kan. Bí “Ẹ káàárọ̀ mà” bá dá wọlé, òbí á ti dáhùn tayọ̀tayọ̀ kí ọ̀rọ̀ owó tó dé, inú rẹ̀ kò sì ní dùn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ẹyọ kan ń gba 160 lẹ́tà, àlàfo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá ti wọ̀ ọ́, ó di 70. Ẹ wo èyí:

“E kaaro ma. Owo ileewe Tunde ku N15,000. E jowo, e san an ko to di Jimoh.”

73 ni. Tí mo bá fi àmì sí i, ó di ẹyọ méjì, owó méjì. Tí mo bá yọ ìkíni kó lè wọ 70, ó dún bí àṣẹ létí àgbàlagbà. Orúkọ ilé-ìwé gan-an kò tíì sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òbí tí kò ní nọ́ńbà wa lè rò pé gbájúẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, èwo lẹ máa ń kọ́kọ́ gé: ìkíni, “ẹ jọ̀wọ́”, àbí àmì? Ṣé ẹ̀yin máa ń sanwó ẹyọ méjì fún àwọn àgbà nìkan?