Fesibúùkù ni àbí Gúùgù: ta ló mú oníbàárà wá?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ GA4, ẹ gbà mí. Oníàdìrẹ kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀ níbí, ni mò ń bá yẹ ìpolówó rẹ̀ wò. Nínú ọjà 40 tó tà lórí ìkànnì rẹ̀, ìlànà ìtẹ̀ ìkẹyìn fún Gúùgù ní 26, Fesibúùkù 6 péré. Mo wá wo ìpàdé àkọ́kọ́, ìyẹn `First user source / medium`: Fesibúùkù di 23! Orúkọ ṣọ́ọ̀bù gan-an ni ọ̀pọ̀ ń wá lórí Gúùgù, ó jọ pé Fesibúùkù ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìlànà tó ń fi dátà pín ọjà 40 náà láàárín àwọn ibi tí oníbàárà gbà wá fún Fesibúùkù ní 9.5. Ṣé ọjà 40 pọ̀ tó kí ìyẹn ṣeé gbára lé? Ọ̀gá fẹ́ pa Fesibúùkù tì. Tá a bá dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, ká wo bóyá àwọn tó ń wá orúkọ náà á dínkù, ṣé ìyẹn tó ẹ̀rí?