Àmì ìmí ni, tàbí ojú èémí?

Akàwé tuntun kan, Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ka ìtàn sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n èémí mi máa ń tán kí gbólóhùn tó parí. Ẹnìkan ní kí n máa fi "àmì ìmí" sínú ìwé tí mò ń kà. Ṣé orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ibo sì ni kí n máa fi í sí?

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹni tó fún yín ní "àmì ìmí" kò náání ohùn èdè wa. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ nínú ìmí. Bí òǹtẹ̀wé bá gbàgbé àmì kan ṣoṣo yẹn, ohun tí a ń gbá dànù ló kù lójú ìwé. Ìdánudúró ni àwọn tó kọ́ wa ń pè é. Bí akàwé bá tẹ̀ lé kọ́mà tí òǹkọ̀wé fi síbẹ̀, kò ní ṣìnà.

Akàwé ọjọ́ pípẹ́, Òkèṣà, Iléṣà:
Ẹ̀yin Olùkọ́, mo gbà fún yín lórí ohùn, ṣùgbọ́n n kò lè gba ìdánudúró. Èèyàn lè dánu dúró láìmí rárá, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè wúwo létí. Ojú ẹni tó ń kàwé jẹ́ẹ́ ni kọ́mà ń ṣiṣẹ́ fún. Kò mọ bí èémí ṣe kù sí nínú ẹni tó ń kà á síta. Ohun méjì ni wọ́n, ó sì yẹ kí àmì wọn yàtọ̀. Ìlà kan ni èmi ń fà fún ìdánudúró lásán, ìlà méjì fún ibi tí mo ti ń gba èémí, ojú èémí ni mo sì ń pe ìyẹn.

Ẹ wo gbólóhùn yìí, tí kọ́mà kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀:

Ní ọdún 1938, / àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníje // tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni ṣàdédé kan àwọn orí idẹ // tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ láti ayébáyé.

Níbi kọ́mà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, èémí kún inú wa, nítorí náà ìlà kan tó. Ẹni tí kò sàmì sí ìwé rẹ̀ yóò sáré títí dé "Ọọ̀ni", ibẹ̀ ni èémí yóò ti tán, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti mí. Ibi tó burú jù lọ nínú gbólóhùn náà nìyẹn, nítorí pé ohùn òkè tó so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń gun fáwẹ́lì ìparí "Ọọ̀ni". Bí a bá mí níbẹ̀, ohùn òkè yẹn á sọnù, etí olùgbọ́ á sì gbọ́ olùwà tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í mí láàárín "kan" àti "àwọn orí idẹ", nítorí pé "kàn" ti ju ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àbọ̀ tó ń bọ̀. Iwájú "tí" ni oríkèé tó gbà wá láàyè. Kí ẹ kà á síta lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fa ìlà. Ibi tí ohùn yín bá ti ń rẹlẹ̀ tàbí tí ọ̀fun ń fún, ẹ padà sẹ́yìn sí oríkèé tó ṣáájú rẹ̀, ẹ má ṣe fa ìlà síbi tí èémí ti tán gan-an.

Ọmọ awo, Òkè-Ìtasẹ̀, Ilé-Ifẹ̀:
Bàbá mi kò fa ìlà kankan rí. Bí wọ́n bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn awo tó jókòó tì wọ́n á máa fi "hin" gbè wọ́n, èémí wọn kò sì tán lójú mi títí tí wọ́n fi lọ. Ìwé ló sọ yín di ọ̀lẹ.

Akàwé ọjọ́ pípẹ́:
Ọmọ awo, "hin" yẹn ni ojú èémí bàbá yín. Akàwé tó dá jókòó níwájú ẹ̀rọ kò ní ẹni tí yóò gbè é.

Olùkọ́ èdè:
Ojú kì í ṣe àmì. Ìlà tí a fà ni ẹ ń sọ, ibi tí a ti mí ni ẹ wá fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fún ìlà náà ní orúkọ tirẹ̀.

Akàwé tuntun:
Mo fi ìlà méjì síwájú "tí", mo sì parí gbólóhùn náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbé ìró èémí mi bí ti ẹni tí wọ́n ń lé.

Akàwé ọjọ́ pípẹ́:
Ẹ ti jẹ́ kí inú ṣófo kí ẹ tó mí nìyẹn. Ẹ fi ojú èémí mìíràn síwájú "ní agboolé", kí ẹ sì la ẹnu díẹ̀ kí ẹ tó fà á sínú.

Olùkọ́ èdè:
Ẹ ṣì ń pè é ní ojú.