Èwo nínú ṣájà méjì yìí ló bá láptọ́ọ̀pù HP yìí mu?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà. Wáyà ṣájà àbúrò mi ti já, ó sì ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ́wọ́. Fọ́tò kìíní ni ti àtijọ́ náà: 19.5V, 3.33A, ìyẹn 65W. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ búlúù, ó fẹ̀ tó mìlímítà 4.5, abẹ́rẹ́ tín-ínrín sì wà láàárín rẹ̀.

Méjì ni mo rí ní Kútọ̀. Ẹnu ti fọ́tò kejì bá a mu rẹ́gí, 19.5V náà ni, ṣùgbọ́n 2.31A péré ló gbé, ìyẹn 45W. Mo rò pé kò tó. Bátìrì lè máa lọ sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá pọ̀ lórí ẹ̀rọ náà. Ti fọ́tò kẹta jẹ́ 19.5V, 4.62A, 90W. Áńpù tó lé yẹn kò dà mí láàmú, torí ìwọ̀n tí láptọ́ọ̀pù bá nílò náà ló máa fà. Ẹnu rẹ̀ ló tóbi jù, mìlímítà 7.4. Ẹni tó ń tà á ní òun máa fi ẹnu kékeré kan sí i.

Ṣé abẹ́rẹ́ àárín irú ẹnu àfikún bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù dá ṣájà mọ̀? Tí kò bá dá a mọ̀ ńkọ́, ṣé bátìrì ò ní gbaná rárá ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lo irú rẹ̀ rí, kó dá mi lóhùn kí n tó sanwó.