Ta ló ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí oníbàárà rí, tí ọjà ò dé lọ́jọ́ àdéhùn?

Ìyá Onírẹsì, Ìgbẹmọ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpò ìrẹsì 40 ni mo ṣèlérí fún ilé oúnjẹ kan ní Àkúrẹ́, ọjọ́ Ajé ló yẹ kó dé. A bọ ìrẹsì tán ni òjò dé, ọjọ́ 4 gbáko, kò gbẹ. Mo gé e jẹ, ó rọ̀ lábẹ́ eyín. Bí mo bá gbé e lọ sí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, yóò rún, èyí tí kò bá sì rún yóò bu. Àpò 15 péré ni mo ti bó. Mo kọ èyí lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun:

"Ẹ jọ̀wọ́, Mà. Àpò 40 tí mo ní yóò dé lánàá kò dé, n kò sì pè yín kí ọjọ́ tó pé. Mo jẹ̀bi. Àpò 15 yóò dé lọ́la kó tó di ọ̀sán, èmi ni n ó san owó ọkọ̀. 25 yòókù ṣì tutù. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì n ó pè yín, n ó sọ bóyá ó gbẹ. Bó bá gbẹ, yóò dé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Bí kò bá gbẹ, tàbí ẹ ò lè dúró, n ó dá owó 25 padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ṣé ó tó?

Awakọ̀ Adó: Òjò ni, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ yọ "mo jẹ̀bi" kúrò. Bó bá gbé e dé kóòtù ńkọ́? Ẹ sì dáná sábẹ́ ìrẹsì náà, á gbẹ lóru kan.

Bàbá Sítọ́ọ̀: Iná líle ń là á nínú, ẹ̀rọ á wá sọ ọ́ di wówó. Awakọ̀, ṣé òjò ló ní kí wọ́n má pe obìnrin yẹn lọ́jọ́ Àìkú? Ìdákẹ́ yẹn ló ń dunni jù. Ìyá, ìpè ọjọ́ Ẹtì yẹn ló wù mí jù, torí ẹ ò bá oòrùn ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ẹ bi í: àpò mélòó ló ń sè lọ́sẹ̀?

Aránṣọ Ìkéré: Tèmi burú. Aṣọ ẹbí 12, ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé, 8 ni mo parí. Mo kọ̀wé pé ìyókù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ Ajé?

Àbẹ̀kẹ́: Yéè! Ẹ̀yin ò bá ti lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ mú àgbà kan dání. Lẹ́tà ò lè kúnlẹ̀.

Aránṣọ Ìkéré: Mo lọ, wọ́n tiẹ̀ fún mi lómi. Owó aṣọ 4 yẹn ni mo jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó ò dá mi lóhùn títí dòní.

Awakọ̀ Adó: "Ó dùn mí" tó. Mo ṣì ní kí wọ́n yọ "jẹ̀bi".

Ìyá Onírẹsì, Ìgbẹmọ: N ò yọ ọ́. Wọ́n ti pè mí. Àpò 10 ni wọ́n ń sè lọ́sẹ̀, 15 yóò gbé wọn kọjá ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní àwọn ń retí ìpè ọjọ́ Ẹtì. Ìkúukùu ṣì wà lójú ọ̀run níbí o.