Ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ ìdíje gàrí yìí wò kí n tó gbé e síta

Ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mo ń tà n'Íjẹ̀bú-Òde, mo sì fẹ́ fi ike gàrí mẹ́ta ta àwọn oníbàárà mi lọ́rẹ lórí Fesibúùkù kí Ojúde Ọba tó dé. Ohun tí mo kọ rèé:

“Ẹ kọ ohun tí ẹ fi ń mu gàrí sábẹ́ àwòrán yìí. Ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan. Yóò parí ní ọjọ́ Jímọ̀, aago 8 alẹ́. A ó ká orúkọ gbogbo yín sínú igbá, ọmọdé yóò mú mẹ́ta nínú fídíò. Fesibúùkù kọ́ ló gbé e kalẹ̀.”

Àbúrò mi ní kí n ní kí wọ́n fa orúkọ ọ̀rẹ́ wọn wọlé kí wọ́n tó lè kópa, àmọ́ òfin Fesibúùkù kò gbà á. Ó tún ní kí ẹni tí láìkì rẹ̀ pọ̀ jù gbà á. Láìkì tí wọ́n ń rà! Ìjà nìyẹn.

Ibi tó rú mi lójú: bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn bá wà ní Kánò, ta ni yóò san owó ọkọ̀? Bí kò bá sì dáhùn, ṣé wákàtí 24 tó kí n tó mú ẹlòmíràn?